Inú Ìjọ Làwọn Nọ́sítíìkì Wà Tẹ́lẹ̀

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbọ́ lẹ́nu oníwàásù ni pé ohùn kan ni ìjọ Kristi ń sọ láti ìgbà àwọn àpọ́sítélì, àfìgbà tí àwọn Nọ́sítíìkì, ìyẹn àwọn tó gbà pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa Ọlọ́run ló ń gbani là, ti ìta wọlé wá da ẹ̀kọ́ rú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká wo Falẹntínù, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní Nọ́sítíìkì, tó ń kọ́ni ní ìlú Róòmù ní nǹkan bí ọdún 140. Tẹ̀túlíánù, òǹkọ̀wé Kristẹni ayé àtijọ́ tó kórìíra ẹ̀kọ́ rẹ̀, ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọkùnrin náà ń retí àtidi bíṣọ́ọ̀bù. Ta ní í retí oyè nílé tí kì í ṣe tirẹ̀?

Ní nǹkan bí ọdún 180, Irenéù, bíṣọ́ọ̀bù Líọ́ńsì ní ilẹ̀ tó di Faransé lónìí, kọ ìwé márùn-ún láti fi ta ko àwọn ọmọlẹ́yìn Falẹntínù àtàwọn mìíràn. Nínú ẹ̀kẹta, ó ròyìn ẹjọ́ tí wọ́n ń rò: pé ohun kan náà làwọn àti ìjọ gbà gbọ́, kí ló dé tí wọ́n fi ń yẹra fáwọn, tí wọ́n sì ń pe àwọn ní aládàámọ̀? Ọ̀rọ̀ àwọn tí ará ilé ń lé jáde nìyẹn.

Báwo wá ni Irenéù ṣe sọ wọ́n di ará ìta? Ìran ló fi ṣe é. Ó mú Símónì oṣó, ẹni tó fowó lọ Pétérù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8, ó fi í ṣe baba ńlá gbogbo àdámọ̀, ó sì to àwọn olùkọ́ bíi Básílídì, Másíónì àti Falẹntínù sábẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀kọ́ wọn yàtọ̀ síra gidigidi. Fún ìjọ tirẹ̀, ó ka àwọn bíṣọ́ọ̀bù Róòmù láti orí Línù dé orí Ẹlẹ́útérù tó jẹ́ ìkejìlá, láti fi hàn pé ọ̀dọ̀ àwọn àpọ́sítélì ni ẹ̀kọ́ wọn ti ṣẹ̀ wá.

Àmọ́ àwọn tó ń bá jà náà ní ìran tiwọn. Tólẹ́mì, ọmọ ẹ̀yìn Falẹntínù, kọ lẹ́tà sí obìnrin kan tó ń jẹ́ Fílórà, ó sì sọ níbẹ̀ pé ẹ̀kọ́ àpọ́sítélì tó ti ọwọ́ dé ọwọ́ làwọn náà gbà. N kò sọ pé ìyàtọ̀ wọn kéré o. Lẹ́tà yẹn kan náà ló ti ní kì í ṣe Ọlọ́run pípé ló fún Mósè ní òfin, ọ̀rọ̀ tí Irenéù kò lè gbà láéláé. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn láàárín Kristẹni sí Kristẹni ni, Símónì kò sí níbẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ohun tí àwọn ọ̀tá wọn kọ ni a fi ń mọ̀ wọ́n jù, títí di ọdún 1945 tí wọ́n hú àwọn ìwé àtijọ́ jáde nítòsí Nágì Hámádì ní Íjíbítì. Ọ̀kan nínú wọn, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó ti agbo Falẹntínù wá, ń sọ nípa Jésù tí wọ́n kàn mọ́ igi, àti olùṣọ́ àgùntàn tó fi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sílẹ̀ lọ wá ẹyọ kan tó sọnù.