Èsì wa sí Alhaja lórí lógò òfì

Ìràwọ̀ 1 nínú 5. “Mo sanwó lógò pípé, tó ní òfì àti orúkọ ilé ìtajà mi. Lórí wẹ́ẹ̀bù mi ó dà bí ìdọ̀tí. Lórí Wọ́sáàpù, wọ́n gé orúkọ mi lápá ọ̀tún àti òsì. Mo pè wọ́n, wọ́n ní kí n lo àwòrán ọ̀kọ̀ ahunṣọ lásán. Ṣé ọ̀kọ̀ ni mo ra ni?”

Alhaja, a rí ọ̀rọ̀ yín, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ gbé iṣẹ́ wá fún wa náà ń ka ibí yìí, mi ò sì ní fẹ́ kí wọ́n rò pé iṣẹ́ jákujàku la ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Tánkẹ́. Ọdún 9 rèé tí mo ti ń ya lógò ní Ìlọrin.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹta la kó iṣẹ́ yín lé yín lọ́wọ́. Fáìlì mẹ́ta ló wà nínú fódà náà: `logo-full.png`, `profile-640.png` àti `favicon-32.png`. Ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ jókòó tì yín fún bí ìdajì wákàtí, ó ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù yín, ó ṣàlàyé ibi tí kálukú wọn ń lọ. Ọjọ́ 19 ni ọmọ ẹ̀gbọ́n yín gbé wẹ́ẹ̀bù yín jáde. Nígbà tí mo ka ohun tí ẹ kọ, mo lọ wo kóòdù ojú-ewé náà fúnra mi. Ohun tí mo bá níbẹ̀ rèé:

```html
<link rel="icon" href="/logo-full.png">
```

Lógò ńlá ló fi síbi tí kékeré yẹ kó wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí ẹni tó bá tún fẹ́ ya lógò lè mọ̀ ọ́n. Píksẹ́lì ni àwọn onígun kéékèèké tó ń tanná lójú gíláàsì fóònù àti kọ̀ǹpútà. Píksẹ́lì 1000 ni lógò ńlá yín fẹ̀. Ààyè àmì tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọlé ojú-ewé lókè bíráúsà, 16 péré ló fẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, 32 lórí àwọn tí gíláàsì wọn mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fọ́nrán òwú 40 ni ẹ ní ká yà sínú òfì náà, a sì yà á pé. Wọ́n gba 600 nínú 1000 yẹn. Bí ẹ bá fún 600 mọ́lẹ̀ dé ìwọ̀n 16, kò ju bíi píksẹ́lì 10 lọ. Òwú mẹ́rin ló wá ń jìjàdù lórí píksẹ́lì kan ṣoṣo, píksẹ́lì kan kò sì lè ní ju àwọ̀ kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bíráúsà á po òwú mẹ́rin náà mọ́ funfun tó wà láàárín wọn, aró á di eérú. Eérú yẹn lẹ rí.

Ti orúkọ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà 21 ni, gíga wọn jẹ́ 60 nínú lógò ńlá. Ní ìwọ̀n 16, odidi lẹ́tà kan kò ga tó píksẹ́lì kan. E ńlá ní igi mẹ́ta tó dùbúlẹ̀ àti àlàfo méjì láàárín wọn, nítorí náà kò lè kéré sí píksẹ́lì 5 ní gíga kó ṣì jẹ́ E. Ẹ Yorùbá wa ń fẹ́ àlàfo àti àmì nísàlẹ̀, ó di 7. Bí àmì ohùn bá tún gùn ún lórí, ó di 9, ó kéré tán. Àwọn kan máa ń ní ká yọ àmì wọ̀nyẹn kúrò kí orúkọ lè wọlé. Èmi kì í ṣe é, nítorí orúkọ ẹlòmíràn ló ń dà.

Lógò ńlá onígun mẹ́rin lẹ gbé sórí Wọ́sáàpù dípò `profile-640.png`, róbótó ni wọ́n sì ń gé e hàn. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ, ìyẹn bíi 21 nínú 100 gbogbo àwòrán náà. Nísàlẹ̀ ni orúkọ yín wà, róbótó sì máa ń tín-ín-rín bó bá ṣe ń sún mọ́ ìsàlẹ̀. Ní ibi tí àárín orúkọ yín bọ́ sí, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 66 nínú 100 lọ, orúkọ yín sì gba 90. Kò sí bí orí àti ìdí rẹ̀ kò ṣe ní já.

Ìdí tí a fi ya ọ̀kọ̀ sọ́tọ̀ nìyẹn. Inú lógò yín náà la ti mú un, òun ni igi tí ahunṣọ ń jù gba àárín òwú kọjá, òun nìkan sì ni ohun tó tóbi níbẹ̀ tí ìrísí rẹ̀ ṣì dúró bó ti wù kó kéré tó. A kò kàn fún un mọ́lẹ̀ o, a tún un yà. Èyí tí a kọ́kọ́ yà ní ihò láàárín, bí ọ̀kọ̀ gidi ṣe ń ní in. Ní ìwọ̀n kékeré, ọmọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi wò ó, ó ní, “Ọ̀gá, ojú èèyàn ni.” Òótọ́ ló sọ. A dí ihò náà, a dá ọ̀kọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú ti Wọ́sáàpù, a fi àwọ̀ sányán kùn ún lórí àwọ̀ ẹtù.

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹta la dán an wò. Láàárọ̀, mo fi lógò ńlá han àwọn èèyàn 12 tó ń tajà ládùúgbò wa. Nírọ̀lẹ́, mo fi àwòrán róbótó náà sáàárín orúkọ 10 lórí Wọ́sáàpù, láìfẹ̀ ẹ́ sí i, mo ní kí wọ́n fọwọ́ kan ilé ìtajà olófì. Àwọn 6 wo ọ̀kọ̀, àwọn 6 yòókù wo lógò ńlá tí a fún mọ́lẹ̀. Nínú àwọn tó wo ọ̀kọ̀, 5 fọwọ́ kàn án lójú ẹsẹ̀. Nínú àwọn tó wo èkejì, 2 ló rí i. Mi ò bi ẹnikẹ́ni pé, “Kí lèyí?” Obìnrin kan tó fọwọ́ kàn án tilẹ̀ pè é ní ẹja, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé tiyín ni. Iṣẹ́ tí àmì kékeré wà fún nìyẹn.

Ibi tí mo ti jẹ̀bi, mi ò ní fi pamọ́. `favicon-32.png` tí a fún yín, ọ̀kọ̀ náà jẹ́ àwọ̀ ẹtù, a kò sì kun ẹ̀yìn rẹ̀. Mo gbé e sórí bíráúsà tó wà ní ojú dúdú lẹ́yìn tí ẹ kọ̀wé, kò hàn rárá. Ó yẹ kí a ti rí i kó tó kúrò lọ́wọ́ wa. Mo ti fi ẹtù kun ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀kọ̀ wá jẹ́ sányán bíi ti Wọ́sáàpù, mo sì ti fi tuntun ránṣẹ́ sí yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Mi ò ní dá owó padà, nítorí lógò tí ẹ ra wà lọ́wọ́ yín ní pípé, ó sì dára lórí báàgì àti pátákó. Ṣùgbọ́n kí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín wá lọ́jọ́ iṣẹ́ tó bá wù ú, a ó bá a yí ìlà yẹn padà láìgba kọ́bọ̀:

```html
<link rel="icon" href="/favicon-32.png?v=2" sizes="32x32">
```

Kí ó má yọ `?v=2` yẹn o. Bíráúsà máa ń tọ́jú àmì àtijọ́ pamọ́, ẹ lè ṣí ojú-ewé náà kí ẹ ṣì máa rí eérú, kí ẹ tún wá fún wa ní ìràwọ̀ kan mìíràn.

Bó bá sì ń bọ̀, kó mú fódà ọjọ́ 12 oṣù Kẹta dání. A fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣí i rí.