Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kì í bá ẹnikẹ́ni bẹ̀bẹ̀

Ọjọ́ Sátidé kan báyìí ni wọ́n sin ìyá ọ̀rẹ́ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyá Ìbejì ni gbogbo wa ń pe ọ̀rẹ́ mi yìí. Mo ti sanwó aṣọ ẹbí, télọ̀ ti rán an, gèlè ti wà nílẹ̀. Mi ò débẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé mo ná ọjà di alẹ́ Fúráìdé, mo sì sùn jù. Nígbà tí mo máa jí ní Ìkòròdú, aago 9 ti kọjá, bẹ́ẹ̀ aago 10 ni ìsìn máa bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń ro ọ̀nà Ìtóìkín lọ́kàn títí ọ̀sán fi pọ́n. Ojú tì mí, mo bá pa fóònù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo kọ èyí:

"Ìyá Ìbejì, o kú ìnáwó o. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ìtóìkín lánàá kì í ṣe kékeré, ara mi náà ò sì yá. Má bínú tó bá dùn ọ́. Báwo ni gbogbo ẹ̀ ṣe lọ? Mo fi nǹkan díẹ̀ sí àkáǹtì rẹ."

Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo tún un kà kí n tó fi ránṣẹ́. Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé Ìkòròdú nínú ẹgbẹ́ wa, àwọn mẹ́ta yòókù sì gba ọ̀nà Ìtóìkín kan náà débẹ̀. Èwo wá ni ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ? Àwáwí méjì tún burú ju ẹyọ kan lọ, nítorí ẹni tó ń kà á á máa wò ó pé èwo gan-an ni òótọ́ nínú ẹ̀.

"Tó bá dùn ọ́" ló bí mi nínú jù, èmi tí mo kọ ọ́ fúnra mi. Ṣé mi ò mọ̀ pé ó dùn ún ni? Nídìí òkú àgbà, onílù á pe ọmọ olóòkú jáde, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sì tò tẹ̀ lé e nínú aṣọ kan náà. Ibẹ̀ ni aráyé ti ń wo iye èèyàn tó ní. Èèyàn laṣọ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Èmi ni mo jẹ́ kí tiẹ̀ lu lọ́jọ́ yẹn.

"Báwo ni gbogbo ẹ̀ ṣe lọ" náà, iṣẹ́ ni mo fẹ́ gbé fún ẹni tó ti fi ọjọ́ mẹ́ta ṣàlejò. Ní ti owó, mi ò sọ pé kò wúlò, gbèsè ìsìnkú kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n bí owó bá bá ẹ̀bẹ̀ wọlé pọ̀, á dà bíi pé mo ń sanwó àga tí mi ò jókòó sí. Ọwọ́ ara mi ni mo pinnu láti fi gbé e lọ.

Bí ó bá jẹ́ àgbà ni mo ṣẹ̀, mi ò ní kọ nǹkan kan rárá. Màá wá ẹni tó máa bá mi bẹ̀ wọ́n, màá sì lọ kúnlẹ̀. Ẹgbẹ́ mi ni Ìyá Ìbejì, ìyẹn ni mo ṣe lè kọ́kọ́ kọ̀wé. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, lẹ́yìn tí ìdúpẹ́ ti parí tí àlejò sì ti ń lọ, mo fi èyí ránṣẹ́:

"Ìyá Ìbejì, mi ò wá síbi ìsìnkú Màmá. Mo sùn jù, ojú sì tì mí láti pè ọ́. Ẹ̀bi mi ni. Mo mọ̀ pé o wojú mi títí nígbà tí wọ́n pè ọ́ síjó. Jọ̀ọ́, forí jì mí. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn Màmá dára. Má ṣe wàhálà láti dá mi lóhùn. Mò ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ Àìkú."

Ẹnì kan ní kí n yọ "mo sùn jù" kúrò, pé ó ti tini lójú jù. Èmi ò gbà. Ta ló máa pa irú irọ́ yẹn mọ́ ara rẹ̀?

Ó kà á lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo rí àmì rẹ̀. Kò fọhùn títí di Wẹ́sídè. Ó wá ní: "Mo rí i. Abọ́ tí mo fi pamọ́ fún ọ ṣì wà ńbí. Wá gbé e fúnra rẹ."

Aṣọ ẹbí yẹn ni mo wọ̀ lọ lọ́jọ́ Àìkú, tòun ti gèlè. Ó ṣí géètì, kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Télọ̀ ẹ rán an dáadáa o," ó ní. "Wọlé."