Ẹ̀jẹ̀ Wà Nínú, Itọ́ Funfun Là Ń Tu Jáde

Àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí fún ẹni tó gbé ìbànújẹ́ mì tó sì ń rẹ́rìn-ín fún aráyé. Mo fẹ́ fi í sọ̀rọ̀ nípa ìyàwó ilé tí àdúgbò ń fi ilé rẹ̀ ṣàpèjúwe, tó sì jẹ́ pé orí ibùsùn ni ìyà rẹ̀ wà. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin náà o, ṣùgbọ́n ti obìnrin ni mo mọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan ní Ìbàdàn, tí mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ìtàn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Ọkọ rẹ̀ kò gbé ọwọ́ lé e rí. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ kì í pẹ́, ankara kan náà ni tọkọtaya ń wọ̀ lọ sóde ìnáwó. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá ní ó rẹ òun lálẹ́, ọkọ á kọjú sí ògiri. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò ní dáhùn ìkíni, kò ní fọwọ́ kan oúnjẹ, owó ọbẹ̀ ò sì ní jáde. Bó bá di ọjọ́ kẹta, á bi í pé, “Ṣé kí n máa wá a lọ síta ni?” Ìyàwó ní, “Mo máa ń gbà kí n lè ráyè sùn, kí àwọn ọmọ sì lè jẹun.” Nígbà tó sọ fún ìyá rẹ̀, ohun tí màmá bi í ni pé, “Ṣé ó ń lù ẹ́ ni?” Ó ní rárá. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Lójú tèmi, ìbéèrè tó yẹ kí màmá bi í ni: “Bí o bá sọ pé o ò fẹ́, kí ló ń tẹ̀ lé e?” Nínú ilé tó dáa, ọkọ lè kùn díẹ̀, kó yí padà, kó sùn. Níbi tí ìyàwó bá ti ń san owó ìtanràn nítorí pé kò fẹ́, gbígbà tó bá gbà kì í ṣe ìfẹ́ inú rẹ̀. Pé kò pariwo kò sọ ọ́ di ìfẹ́ náà. Ẹ̀rù máa ń mú kí ara àwọn mìíràn le gbagidi, kí ohùn wọn sì há. Kódà bí ara bá dáhùn, ara ló dáhùn, ọkàn lè má sí níbẹ̀.

Wọ́n tún ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọkọ ní ọ̀rọ̀ àná ni. Ìyàwó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ní pálọ̀, àyà rẹ̀ ń já. Káńsílọ̀, ìyẹn olùdámọ̀ràn tó lọ bá, kò kọ́kọ́ mẹ́nu kan ibùsùn rárá. Kíkọ̀ nǹkan kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀: kó sọ fún àbúrò tó ń yáwó pé kò ní sí lóṣù yìí, kó sì rí i pé ayé ò bà jẹ́. Bí àyà bá ń já, kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kó máa dárúkọ ohun tó ń rí nínú yàrá, kí ara lè mọ̀ pé òní kọ́ ni àná. Káńsílọ̀ náà kò pe ọkọ wá jókòó tì í. Ohun tí ìyàwó tí ẹ̀rù ń bà bá sọ níbẹ̀, ó lè jìyà rẹ̀ tí wọ́n bá délé.

Lẹ́yìn náà ni ìyàwó sọ fún ọkọ pé kí ìbálòpọ̀ dúró ná, títí òun yóò fi ní kó tún bẹ̀rẹ̀. Ibí ni èèyàn ti ń mọ ilé tó ṣeé tún ṣe. Ọkọ gbà fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà owó ọbẹ̀ tún dúró. Ìyàwó kó àwọn ọmọ lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ sun oorun àsùnmọ́jú. Egbò tí wọ́n ń ha lójoojúmọ́ kì í jinná.

Ní ti òfin, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn àtijọ́ ní gúúsù Nàìjíríà kò ka ti ọkọ sí ìfipábánilòpọ̀. Òfin VAPP ti ọdún 2015, tó lòdì sí ìwà ipá sí èèyàn, kò yọ ọkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gbà á wọlé, nítorí náà, ó kù sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ tí èèyàn ń gbé. Bí ìbẹ̀rù àrùn HIV bá wà, oògùn ìdènà rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì ń lò ó. Ní Èkó, Mirabel Centre, tó ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkejà láti ọdún 2013, wọn kì í gbowó. Ẹ̀yin ẹbí, bó bá sọ fún yín, ẹ má bi í pé kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kí ẹ bá òun lọ.