Ẹ yé fi ọ̀rọ̀ tí dátà yín ò sọ sí i lẹ́nu

Inú ń bí mi o, mi ò sì ní bò ó mọ́ra. Ọjọ́ kẹta rèé tí mò ń bá gbólóhùn kan ṣoṣo jà nínú tíísìsì àbúrò mi. Gbólóhùn kan péré! Tí mo bá tún un ṣe lónìí, tó bá fi máa di ọ̀la wọ́n á ti dá a padà sí bó ṣe wà, wọ́n á tún wá bu iyọ̀ sí i. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́ àmọ́ ohun tó ń sọ nìyí:

"Iṣẹ́ ìwádìí yìí ti fi hàn gbangba pé sísùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ń dín ibà kù sí ìdajì láàárín àwọn aláboyún ní Nàìjíríà."

Ẹ tún un kà. Ó dùn ún gbọ́, àbí? Ó dà bí ohun tí mínísítà máa kà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tí ọmọ yìí ṣe gan-an fún yín (mo ti yí iye wọn padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀, àmọ́ ìṣirò ẹ̀ pé, ẹ lè fi kalikulétọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò). Ó lọ sí klíníìkì aláboyún kan ṣoṣo n'Ìbàdàn, oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án, ó jókòó ti àwọn ìyá lórí bẹ́ǹṣì, ó bi 180 nínú wọn ní ìbéèrè. Àkọ́kọ́, ṣé ẹ sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì lálẹ́ àná? Ìkejì, ṣé ibà mú yín láàárín oṣù mẹ́ta tó kọjá? Àwọn 120 ní àwọn sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, 30 nínú wọn ní ibà mú àwọn, ìyẹn ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn 60 tó kù ní àwọn ò sùn lábẹ́ ẹ̀, 24 nínú wọn ní ibà mú àwọn, ìyẹn ìdá 40. Ó ṣe káì-síkúè sí i, ìyẹn ìṣirò tó ń wò ó bóyá irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kàn lè ṣèèṣì wáyé, p = 0.038. Ó parí. Wọn ò gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, wọn ò wo nǹkan kan lábẹ́ máíkírósíkópù, kò sẹ́ni tó tún padà lọ bá àwọn ìyá yẹn.

Iṣẹ́ yẹn ò burú rárá, mo rí bó ṣe fi oòrùn ṣe é. Gbólóhùn yẹn ni mi ò lè fara mọ́, torí gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú ẹ̀ pátá ló ju ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ, bẹ̀rẹ̀ látorí "ń dín kù" yẹn. Ta ló dín in kù? Ta ló rí i níbi tó ti ń dín kù? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo rí àwọn èèyàn yìí! Ìyá tó ń sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ ẹni tí nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé ilé ẹ̀ náà, tí kò gbé ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, tó ń wá klíníìkì látìgbà tí oyún wà lóṣù mẹ́rin tó sì ti lo oògùn ibà tí wọ́n máa ń fún aláboyún níbẹ̀, Fáńsídà yẹn. Èwo nínú gbogbo ìyẹn ni ò jẹ́ kí ibà mú un? O ò bi í, báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀? Èyí tó wá ń dùn mí jù ni ti àsìkò. Alẹ́ àná lo béèrè ti nẹ́ẹ̀tì, oṣù mẹ́ta tó kọjá lo béèrè ti ibà. Ibà ṣáájú, nẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé e! Ìyá tí ibà dá gúnlẹ̀ lóṣù keje lè jẹ́ ìyẹn gan-an ló mú kó lọ ta nẹ́ẹ̀tì sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, nínú fọ́ọ̀mù tìẹ ó ti di ẹni tó ń lo nẹ́ẹ̀tì tí ibà ṣì mú. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ àná ò lè dí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá lọ́nà.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ náà "ibà". Nínú tíísìsì, màléríà ló kọ, tààrà, bíi pé ó rí kòkòrò ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ Yorùbá ló fi bi àwọn ìyá yẹn, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tó ń jẹ́ ibà lẹ́nu wa. Ara gbóná, ibà ni. Orí fọ́, oúnjẹ ò wù ú jẹ, ibà ni. Ó rẹ̀ ẹ́ torí oyún, ẹlòmíì á ní ibà ló fẹ́ mú òun. Nígbà tí wọn ò ṣe tẹ́ẹ̀sì kankan, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ ni iye àwọn tó SỌ pé ibà mú àwọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu náà níyì, àmọ́ pè é ní ọ̀rọ̀ ẹnu.

"Ìdajì" wá ńkọ́? Eléyìí ló mú kí n pariwo lórí fóònù. Mo ní níbo lo ti rí ìdajì, ṣé 25 ni ìdajì 40 ni? Ó ní àǹtí mi, SPSS tí òun fi ń ṣe ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà ló gbé e jáde. Mo ní fi ránṣẹ́ sí mi. Ó fi ránṣẹ́ lóòótọ́, Exp(B) = 0.500. Háà! Ọ́ọ̀dì réṣíò nìyẹn! Ìyẹn kì í ṣe iye èèyàn tí ibà mú nínú gbogbo wọn, iye tí ibà mú tí a fi iye tí kò mú pín ni. Nínú àwọn onínẹ́ẹ̀tì 30 sí 90, nínú àwọn tí kò lò ó 24 sí 36, tó o bá fi èkejì pín àkọ́kọ́ wàá rí 0.5. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìdá èèyàn lò ń sọ, 25 tá a fi 40 pín, 0.625 ni, kò dé ìdajì rárá. Tí àìsàn bá ṣọ̀wọ́n gan-an, iye méjèèjì yìí máa ń súnmọ́ra débi pé èèyàn lè má rí iyàtọ̀ wọn. Níbi tí ibà ti mú ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n jìnnà síra. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún ọmọ yìí, ọdún méjì ló fi wà níbẹ̀!

Ti "aláboyún ní Nàìjíríà", mi ò tiẹ̀ fẹ́ sọ púpọ̀. Klíníìkì kan, ìlú kan, àsìkò òjò nìkan. Aláboyún tí kì í wá klíníìkì rárá ò lè sí nínú ẹ̀.

Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún un ní sùúrù o, ó ní òun ti gbọ́. Lọ́jọ́ kejì ó fi àtúnṣe ránṣẹ́: "Ó ṣeé ṣe kí sísùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn máa dín ibà kù sí ìdajì láàárín àwọn aláboyún ní Nàìjíríà." Ẹ gbà mí! "Ó ṣeé ṣe" ló lọ fi síwájú! Ìdajì wà níbẹ̀, Nàìjíríà wà níbẹ̀, dín kù wà níbẹ̀, ó kàn wá fi ìyẹ̀fun sí i lójú. Ohun tí gbogbo wọn ń ṣe nìyẹn, wọ́n rò pé tí èèyàn bá ti wọ́n "ó ṣeé ṣe" lé e lórí, ó ti di ọ̀rọ̀ onírẹ̀lẹ̀. Kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀ la ní kó o ṣe. Lọ wo ọ̀rọ̀ ìṣe ẹ̀, lọ wo iye ẹ̀, lọ wo àwọn tó ò ń sọ̀rọ̀ nípa wọn, kó o wá béèrè lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pé fọ́ọ̀mù wo ni mo ti rí ẹ. Èyí tí kò bá ní fọ́ọ̀mù, yọ ọ́.

A jọ jókòó, a kọ ọ́ báyìí: "Nínú 180 aláboyún tí a bá sọ̀rọ̀ ní klíníìkì kan n'Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní àwọn sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ní alẹ́ tó ṣáájú ló sọ pé ibà mú àwọn láàárín oṣù mẹ́ta, ìdá 40 sì ni nínú àwọn tí kò sùn lábẹ́ ẹ̀ (ìyàtọ̀ 15, ààyè 95% láti 0.4 dé 29.6)." Mo ní kó fi ààyè yẹn sí i dandan, torí òun ló jẹ́ kéèyàn rí i pé ìyàtọ̀ gidi lè má tó nǹkan kan, ó sì lè tó ìdá 29, dátà yìí ò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ó ní "ṣé kò wá sí nǹkan tí mo rí nìyẹn, àǹtí mi?" Mo ní rárá o, o rí nǹkan. O rí i pé láàárín àwọn tó o bi, ìdá àwọn tó ní ibà mú àwọn kéré sí i nínú àwọn tó sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Kọ ìyẹn kó dúró ṣinṣin.

Ó gbé e lọ fún súpáfáísọ̀. Dọ́kítà ní kò lágbára. Wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sí i, wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé "fi hàn gbangba" ni kó lò, pé ṣebí gbogbo ayé mọ̀ pé nẹ́ẹ̀tì ń dí ibà lọ́wọ́. Níbí gan-an ni ẹ̀jẹ̀ mi ti ru. Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n! Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n? Láàárín ọdún 1990 sí 1999, ní Kìlífì ní Kẹ́ńyà àti Navrongo ní Gánà, wọ́n pín agbègbè sí méjì bíi pé wọ́n ṣẹ́ kèké, wọ́n fún àwọn kan ní nẹ́ẹ̀tì olóògùn, àwọn kan ò tíì gbà, wọ́n wá ń ka ikú àwọn ọmọdé tọdún tọdún. Iṣẹ́ wọn nìyẹn! Èèyàn lè tọ́ka sí i, kó ní ohun tí òun rí kò tako tiwọn. Kò wá lè bọ́ aṣọ wọn wọ̀. Pé nǹkan jẹ́ òtítọ́ láyé ò sọ pé 180 fọ́ọ̀mù tìẹ ló fi hàn, ìyàtọ̀ yìí gan-an ni wọ́n gbé dígírì kalẹ̀ láti kọ́ ọmọ!

Ọmọ ò kúkú lè bá Dọ́kítà jiyàn, mo mọ̀. Àgbà ni wọ́n, ọwọ́ wọn ni ìwé ẹ̀ wà. Mo ní kó lọ kúnlẹ̀ kí wọn, kó gbé téébù yẹn síwájú wọn, kó ní "ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ẹni tó ń bọ̀ láti ìta bá ní kí n fi ìdajì han òun níbí, ibo ni kí n nawọ́ sí?" Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní kó lọ lo tiẹ̀ ní orí karùn-ún.

Orí karùn-ún nìkan! Lálẹ́ àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fáìlì yẹn látòkè, ìdajì ṣì jókòó nínú ábísítíráàtì, "ìjọba ní láti" ṣì wà nínú àwọn ìmọ̀ràn ẹ̀yìn bíi pé klíníìkì kan ló ń bá Àbújá sọ̀rọ̀, àkọlé iwájú sì ṣì ń jẹ́ "Ipa Tí Nẹ́ẹ̀tì Ẹ̀fọn Ń Kó Nínú Dídín Ibà Kù". Mo pè é ní aago mọ́kànlá, mo ní yí àkọlé yẹn padà. Ó dákẹ́. Ó ní àǹtí mi, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sára páálí pẹ̀lú lẹ́tà aláwọ̀ wúrà, kọ́pì márùn-ún, ọjọ́ Ajé lòun máa fi sílẹ̀. Mo ní kó gbé gbogbo ẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó bá a dì í láàárọ̀ ọ̀la, èmi ni màá sanwó ẹ̀.