Àwọn ọmọ tí Níóbè fi yangàn

“Níóbè ló gbéra ga. Kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ni àwọn òrìṣà pa?”

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí ká èmi náà lára, torí abiyamọ ni mí. Àwọn ọmọ yẹn gan-an ló fi yangàn. Ayaba Tíbísì ni Níóbè, nínú ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Gíríìsì. Bí àwọn obìnrin ìlú ṣe ń sun tùràrí fún òrìṣà obìnrin kan, Létò, ó ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, pé ọmọ méjì péré ni Létò bí, òun bí méjìlá (àwọn mìíràn ní mẹ́rìnlá). Kì í ṣe ẹnu lásán ló fi ṣẹ̀, ó fẹ́ gba ìjúbà ẹlòmíràn fún ara rẹ̀. Híbúrísì ni àwọn Gíríìkì ń pe irú àṣejù bẹ́ẹ̀. Àpólò ọmọ Létò bá ta àwọn ọmọkùnrin Níóbè lọ́fà, Átẹ́mísì ìbejì rẹ̀ obìnrin ta àwọn ọmọbìnrin.

Ibi tó ń pa mí lẹ́kún ni pé òkú àwọn ọmọ náà wà nílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, torí Súúsì ọba àwọn òrìṣà ti sọ àwọn ará ìlú di òkúta. Ní ọjọ́ kẹwàá, àwọn òrìṣà fúnra wọn ló sin wọ́n. Níóbè sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó wá jẹun. Lẹ́yìn náà òun náà di òkúta lórí òkè Sípílọ́sì, ní Tọ́kì òde òní.

Lọ́dọ̀ wa ní Èsìẹ́, wọ́n máa ń sọ pé àlejò tó di òkúta ni àwọn ère wa. Mi ò lè wò wọ́n kí n má rántí ìyá yẹn.