Ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Ọlọ́pàá bi ọ̀dọ́kùnrin kan pé báwo ni fóònù tí wọ́n jí ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mo gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi." Ó lè jẹ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fà á lé e lọ́wọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ńṣe ló já a gbà. Bó bá jẹ́ Yorùbá ni wọ́n kọ sílẹ̀, lọ́yà méjì lè jiyàn lé "gbà" níwájú adájọ́. Àmọ́ ọlọ́pàá tó ń kọ sítétímẹ́ǹtì lédè Gẹ̀ẹ́sì ti mú ọ̀kan nínú méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ìkejì wà rárá.

Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2015, táwọn ìpínlẹ̀ náà ti ṣe irú rẹ̀, sọ̀rọ̀ lórí èyí ní abala 17. Bí afurasí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ ni yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí yóò kà á fún un títí yóò fi yé e. Ògbufọ̀ náà gbọ́dọ̀ kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ tirẹ̀ síbẹ̀. Lọ́yà lè jókòó tì í, tàbí ẹlòmíì tí afurasí fúnra rẹ̀ bá yàn.

Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọlọ́pàá kan náà ló ń béèrè, òun ló ń túmọ̀, òun náà ló ń kọ. Èyí kò dáa. Ohun tá a fẹ́ ni kí kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pàṣẹ pé Yorùbá ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ, bó ṣe jáde lẹ́nu onítọ̀hún gan-an, kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì so ìwé méjèèjì pọ̀. Yóò gbe ọlọ́pàá náà, torí bí ògbufọ̀ kò bá yọjú ní kóòtù wá jẹ́rìí, àgbọ́sọ lásán ni lọ́yà yóò pe ìwé yẹn, adájọ́ sì lè dà á nù.

Ohun tó ń mú káwọn èèyàn fọwọ́ sí irú sítétímẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀ ni béèlì. "Fọwọ́ sí i ká lè tú ẹ sílẹ̀." Òfin ò so béèlì àti ìfọwọ́sí pọ̀ rárá. Abala 35 ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún afurasí láyè láti dákẹ́ títí tó fi máa rí lọ́yà rẹ̀ tàbí ẹni tó bá yàn, kí wọ́n sì kọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Owó béèlì tí wọ́n ń gbà ní tẹ́ṣàn kò sí nínú òfin kankan.

Kí àṣẹ kọmíṣọ́nnà yẹn tó dé, kí ẹni tó mọ̀wé kọ sítétímẹ́ǹtì rẹ̀ ní Yorùbá fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, kó ní kí wọ́n kà á fún òun, kó sì kọ́kọ́ wò ó bóyá orúkọ ògbufọ̀ wà níbẹ̀, kó tó tẹ àtàǹpàkò sí i.