Ó ti sú mi o! "Kò ní PFOA" yẹn ò sọ nǹkan kan fún mi nípa páànù

Páànù ìdínǹkan tí wọ́n ní oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, ẹ̀kẹta rèé láàárín ọdún méjì. Ẹ̀kẹta! Mo gbé e síwájú mi bí mo ṣe ń tẹ nǹkan yìí, àárín ẹ̀ ti ṣú, ẹyin tó máa ń yọ̀ bọ̀rọ́ nínú ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ rà á ti ń lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè, bẹ́ẹ̀ mi ò fi ṣíbí irin kàn án rí, mi ò sì fi kànìnkànìn onírin fọ̀ ọ́ rí. Tí mo bá sì padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi, ohun kan náà ló máa nawọ́ sí lára páálí, pé ẹ wò ó, "kò ní PFOA". Ẹ jọ̀ọ́, ta ló béèrè PFOA lọ́wọ́ yín?

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí. Nǹkan tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀ mọ́ páànù yẹn, PTFE lorúkọ ẹ̀, òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní Tẹ́fúlọ́ọ̀nù. PFOA yàtọ̀ sí i. Kẹ́míkà tí wọ́n máa ń lò nílé iṣẹ́ tí wọ́n bá ń ṣe PTFE ni, iná tí wọ́n fi ń yan páànù níbẹ̀ ló sì ń jó èyí tó pọ̀ jù dànù kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn tó fara gbá a jù ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ àtàwọn tó ń mu omi àdúgbò ilé iṣẹ́ yẹn. Lọ́dún 2006 ni ìjọba Amẹ́ríkà bá ilé iṣẹ́ ńlá mẹ́jọ ṣàdéhùn pé kí wọ́n jáwọ́ nínú ẹ̀ kó tó di òpin 2015, nígbà tó sì di 2019, àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ti Sítọ́kọ́ọ̀mù náà fòfin dè é. Ohun tí wọ́n ti ní kí wọ́n jáwọ́ nínú ẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá ni wọ́n ṣì ń fi yangàn lára páálí! Ọ̀rọ̀ yẹn ò sọ fún ẹ bóyá PTFE ló wà lórí páànù, kò sì sọ pé kò sí kẹ́míkà kankan níbẹ̀ látinú PFAS, ìyẹn ìdílé ńlá kẹ́míkà tí PFOA wà nínú ẹ̀, torí PTFE gan-an, ọmọ ìdílé yẹn ni.

Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ gàdàgbà síbẹ̀ ni ìwọ̀n iná. PTFE ò ṣe wàhálà tó bá wà nísàlẹ̀ 260°C. Tó bá kọjá ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, tó bá wá tó 350°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èéfín tó ń jáde níbẹ̀ lè pa ẹyẹ tó wà nínú ilé, ó sì lè fún èèyàn ní ibà, òtútù àti ikọ́ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ńlá mú. Èéfín yẹn ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù o, kì í ṣe ẹ̀rún dúdú tẹ́ ẹ bá rí nínú oúnjẹ, ẹ̀rún yẹn kì í yòrò nínú ikùn, bó ṣe wọlé náà ló ń jáde. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti ń rí ẹ̀rún, páànù yẹn ti parí iṣẹ́.

Ẹ wá gbọ́ bí tèmi yìí ṣe kú. Ó fúyẹ́ bí abọ́ ike, ìka méjì ni mo fi ń gbé e, mo tiẹ̀ rò pé ìyẹn ló dáa. Mo máa ń gbé e ka gáàsì lófìfo, màá ṣí iná tán pátápátá, màá wá lọ gé àlùbọ́sà. Alumíníọ̀mù tó tín-ín-rín báyìí ò nílò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kó tó kọjá 260 lórí iná ńlá tí kò bá sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Tí mo bá wá da òróró sí i, kíá ló ń rú èéfín, èmi á ní àṣé ó ti gbóná dáadáa. Hà! Ọ̀pọ̀ òróró ìdínǹkan kì í rú èéfín tí kò bá tíì kọjá 200, àmì pé mo ti sún mọ́ ibi tí PTFE ti ń bàjẹ́ ni, èmi sì ń fi dínǹkan lójoojúmọ́. Mo tún máa ń gbé e sábẹ́ omi tútù nígbà tó ṣì gbóná. Lọ́jọ́ tí mo fi rúlà lélẹ̀ sídìí ẹ̀, àárín ti wú sókè, ìdí nìyẹn tí òróró fi ń ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí àárín á wá máa jó gbẹ. Èwo nínú gbogbo èyí ni wọ́n kọ sára páálí? Kò sí! Wọn ò kọ bí irin ẹ̀ ṣe nípọn tó, wọn ò kọ iye ọdún tó máa lò, èyí tí wọ́n bá sì kọ nípa iná, nínú ìwé pẹlẹbẹ tí lẹ́tà ẹ̀ ò ju ẹsẹ̀ èèrà lọ ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra oníṣẹ̀rámíìkì. Ìyẹn ò ní PTFE lóòótọ́, ó sì lè fara da iná jù ú lọ, ṣùgbọ́n yíyọ̀ ẹ̀ máa ń tètè lọ, tọ̀hún ò tiẹ̀ tó ọdún kan tó fi ń lẹ̀.

Mo bá sá lọ sọ́dọ̀ ìkòkò alumíníọ̀mù lásán tí wọn ò fi nǹkan kan bò. Wàhálà mìíràn! Mo se ọbẹ̀ tòmátò sínú ẹ̀, mo gbé e sílẹ̀ mọ́jú, nígbà tó di àárọ̀ ó ń ta irin-irin lẹ́nu, inú ìkòkò sì ti dá ihò wẹ́wẹ́. Nǹkan kíkan àti iyọ̀ máa ń jẹ awọ tín-ín-rín tó ń dáàbò bo alumíníọ̀mù, irin ọ̀hún á sì máa wọnú oúnjẹ, bó bá ṣe pẹ́ nínú ẹ̀ tó ni á ṣe pọ̀ tó. Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ bá yá, á tọ̀ ọ́ dànù, ẹni tí tiẹ̀ ò yá ló yẹ kó ṣọ́ra gan-an. Èmi ò ní kẹ́ ẹ sọ tiyín nù o, ẹ bọ omi nínú ẹ̀, ẹ se ìrẹsì, kò séwu, ṣùgbọ́n ẹ má fi oúnjẹ kíkan sùn síbẹ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ìkòkò tí wọ́n yọ́ látinú ògbólógbòó páàtì mọ́tò àti ajákù, torí òjé lè wà nínú ẹ̀, ojú lásán ò sì lè rí i.

Ti pírẹ́ṣọ̀ kúkà ló wá mú mi sunkún. Irin ẹ̀ le koko, ó lè lo ogún ọdún. Rọ́bà inú ìdérí ló kú, ó le, ó sán, afẹ́fẹ́ gbígbóná wá ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìkòkò ò lè dé 121°C tó yẹ kó dé mọ́, ẹ̀wà tó yẹ kó jinná kíá wá ń fi wákàtí méjì ṣeré. Rọ́bà yìí kì í sábà ju ọdún kan sí méjì lọ, wọ́n sì mọ̀. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é, wọ́n ní àwọn ò ṣe rọ́bà irú ẹ̀ mọ́, kí n ra ìkòkò tuntun. Rọ́bà mìíràn tí mo rí ò bá ojú ìdérí ẹ̀ mu, mi ò sì ní fi èyí tí kò bá a mu dé nǹkan tó ń fi agbára ti ìdérí sókè báyìí lórí iná nínú ilé tí àwọn ọmọ mi wà. Bó ṣe wà nìyẹn lábẹ́ tábìlì, ìkòkò tí kò ní ìdọ̀tí, tí kò ní ihò, tí kò níṣẹ́, nítorí rọ́bà kan ṣoṣo.